Ipò ló ṣì, kì í ṣe ìṣírò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó sì mọ tábìlì ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ dé 12 láìwo ìwé. Síbẹ̀, bí nọ́ńbà bá ti di oníméjì méjì, ó máa ń dàrú. Ó ṣe 68 × 47, ó kọ 748. Ó ṣe 952 ÷ 28, ó kọ 214. Ó ṣe 7,015 ÷ 23, ó kọ 35. Mo fa X sí i, mo ní kó tún un ṣe, ohun kan náà ló tún kọ. Ṣé gbígbé nọ́ńbà lọ ni kò yé e ni, àbí kí ni? Báwo ni mo ṣe lè mọ ibi tó ti ń ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ iye tí ọmọ náà rí sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe rí i. Ọ̀pọ̀ òbí á kàn sọ pé ọmọ àwọn ò mọ̀ ọ́n ṣe, wọn ò ní sọ ohun tó kọ, bẹ́ẹ̀ ohun tó kọ yẹn gan-an la nílò. Ọmọ tó kàn ṣèèṣì kì í ṣèèṣì bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá tún un ṣe tó sì tún já sí 748, a jẹ́ pé òfin kan wà lọ́kàn rẹ̀ tó ń tẹ̀ lé, òfin náà ni kò pé. Lọ́dún 1978, John Seely Brown àti Richard Burton tẹ ìwádìí kan jáde tó dá lórí bí àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe ń ṣe ìyọkúrò. Ohun tí wọ́n fi hàn níbẹ̀ nìyí: púpọ̀ nínú àṣìṣe ọmọ ní ọ̀nà tó ń gbà, ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà náà lè sọ iye tí ọmọ máa kọ kó tó kọ ọ́. Bọ́rọ̀ ṣe rí nínú ìsọdipúpọ̀ àti pínpín náà nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí ìwé bá dé iwájú mi, kì í ṣe èsì tó tọ̀nà ni mo kọ́kọ́ máa ń wá. Èsì tí ọmọ rí ni èmi náà máa ń wá bí mo ṣe máa rí i. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kọ ránṣẹ́, mo sì rí 748, mo rí 214, mo rí 35. Gbígbé nọ́ńbà lọ kọ́ ló ń yọ ọmọ yín lẹ́nu. Ó ń gbé e lọ dáadáa. Ipò ni kò tíì yé e, ìyẹn ni pé ibi tí nọ́ńbà jókòó sí ló ń sọ iye tó jẹ́. Ẹ jẹ́ ká wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo gbà pé bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí lórí ìwé nìyí:

```
    68
  × 47
  ----
   476
   272
  ----
   748
```

Ìlà àkọ́kọ́: 8 lọ́nà 7 jẹ́ 56, ó kọ 6, ó gbé 5 lọ. 6 lọ́nà 7 jẹ́ 42, ó fi 5 tó gbé lọ kún un, ó di 47. 476 pé pérépéré. Ìlà kejì: 8 lọ́nà 4 jẹ́ 32, ó kọ 2, ó gbé 3 lọ. 6 lọ́nà 4 jẹ́ 24, ó fi 3 kún un, ó di 27. 272 náà pé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé nọ́ńbà lọ, kò sì ṣì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó ṣe ro méjèèjì pọ̀ náà tọ̀nà.

Ṣùgbọ́n 4 tó wà nínú 47 kì í ṣe mẹ́rin lásán, ẹ̀wá mẹ́rin ni. 272 tó kọ yẹn, ẹ̀wá 272 ni, ìyẹn 2,720. Bó ṣe wá to 2 ìparí rẹ̀ sábẹ́ 6, ó ti sọ gbogbo ẹ̀wá náà di ẹyọ. Ohun tó ṣe ni pé ó kó 68 jọ lọ́nà 7, ó tún kó o jọ lọ́nà 4, àpapọ̀ rẹ̀ wá di ọ̀nà 11. Ẹ ṣe 68 × 11 fúnra yín, 748 gan-an lẹ máa rí. Ìdáhùn tó tọ̀nà ni ọmọ náà fún yín, ìbéèrè mìíràn ló dáhùn.

Ohun kan wà níbí tó kan àwa tí a ń fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ nílé. Bí a bá pe 68 ní méjìdínláàádọ́rin, orúkọ yẹn ò sọ fún ọmọ pé ẹ̀wá mẹ́fà àti ẹyọ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Àádọ́rin tó dín méjì ló ń sọ. 47 náà, àádọ́ta tó dín mẹ́ta ni. Nígbà tí ẹ bá ń ṣàlàyé ipò, ẹ má fi orúkọ náà nìkan sílẹ̀ fún un, ẹ pè é ní "ẹ̀wá mẹ́fà, ẹyọ mẹ́jọ". Àmọ́ tó bá di ká fojú díwọ̀n èsì, orúkọ yẹn gan-an ló ń ràn wá lọ́wọ́: àádọ́rin lọ́nà àádọ́ta jẹ́ 3,500, a sì ti mọ̀ látinú orúkọ pé méjèèjì dín díẹ̀, nítorí náà èsì wa gbọ́dọ̀ dín sí 3,500 díẹ̀. 748 ò sún mọ́ ọn rárá. Kí ọmọ máa kọ ìdíwọ̀n yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kó tó bẹ̀rẹ̀, torí tó bá ṣe é tán kó tó díwọ̀n, ohun tó ti rí ni yóò máa gbè lẹ́yìn.

Ó kan 952 ÷ 28. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ pọ̀.

```
      214
     ----
28 ) 952
     56
     --
     392
     392
     ---
       0
```

Ó bi ara rẹ̀ pé 28 mélòó ló wà nínú 95, ó mú 2. 28 lọ́nà 2 jẹ́ 56. Ó yọ ọ́ kúrò nínú 95, ó ku 39. Ó mú 2 sọ̀ kalẹ̀, ó di 392. Ó wá wo 28 mélòó ló wà nínú 392, ó rí 14, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni, 28 lọ́nà 14 jẹ́ 392. Kò ku nǹkan kan. Kò sí ìsọdipúpọ̀ tó ṣì níbẹ̀, kò sì sí ìyọkúrò tó ṣì.

95 tó kọ́kọ́ pín, ẹ̀wá márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni. Nítorí náà 2 tó kọ sókè, ẹ̀wá méjì ni, ogún. 14 tó tẹ̀ lé e, ẹyọ mẹ́rìnlá ni. 20 àti 14 jẹ́ 34, èyí sì ni ìdáhùn tó tọ̀nà. Gbogbo iye tó yẹ kó wà nínú èsì ló wà níbẹ̀. Ó kàn kọ 14 sínú àyè tí díjíìtì kan ṣoṣo ló ni ín. Ẹ wo bí 4 ìkẹyìn ṣe yọ síta lápá ọ̀tún nínú àwòrán òkè yìí, tí kò sí nọ́ńbà kankan lára 952 tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń máàkì iṣẹ́ pínpín, àmì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: díjíìtì èsì kankan ò gbọ́dọ̀ jókòó síbi tí kò ní ẹnìkejì nísàlẹ̀.

Ohun tó fà á ni 39. Lẹ́yìn ìyọkúrò kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí ọmọ fi èyí tó kù wé nọ́ńbà tó fi ń pín. 39 ju 28 lọ, ìyẹn ni pé 28 ṣì lè wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, 2 tó mú kéré. Ká ní ó wò ó ni, ì bá pa 2 rẹ́, kó fi 3 rọ́pò. 28 lọ́nà 3 jẹ́ 84, ó ku 11, 11 ò tó 28, kó máa bọ̀. Ó mú 2 sọ̀ kalẹ̀, ó di 112, 28 lọ́nà 4, ó parí. Nígbàkigbà tí ọmọ bá rí ohun tó ju 9 lọ láti kọ sí àyè kan, kó mọ̀ pé ìgbésẹ̀ tó ṣáájú ló ti fi nǹkan sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa 214 yẹn rẹ́ kí ẹ tó fi hàn án. Ẹ fa ìlà ẹ̀wá àti ìlà ẹyọ sórí iṣẹ́ náà, ẹ ní kó kọ 2 sábẹ́ ẹ̀wá, kó wá kọ 14 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ipò tó yẹ ẹ́, kó sì rò wọ́n pọ̀. Bó bá fọwọ́ ara rẹ̀ rí 34 jáde láti inú iṣẹ́ tí wọ́n ti fa X sí, ohun tí ipò jẹ́ á yé e ju kí a wí i lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ.

7,015 ÷ 23 kò ní í gba àkókò wa púpọ̀, torí àìsàn kan náà ni.

```
      35
    -----
23 ) 7015
     69
     --
      115
      115
      ---
        0
```

70 tó wà níwájú, ọgọ́rùn-ún àádọ́rin ni. 23 wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ku 1. Ó mú 1 sọ̀ kalẹ̀, ó di 11. 23 ò lè wọ 11. Ó mú 5 náà sọ̀ kalẹ̀, ó di 115, 23 wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ibi tí 23 ò ti lè wọ 11 yẹn ni kò ti kọ ohunkóhun sókè, bẹ́ẹ̀ òdo ló yẹ kó kọ. Lójú ọmọ, òdo kì í ṣe nǹkan kan, kí ló wá fẹ́ kọ ọ́ sí? Òdo yẹn ló ń di àyè ẹ̀wá mú kí 3 lè dúró sí ipò ọgọ́rùn-ún. Bí kò bá sí i, 305 á wó lulẹ̀ di 35. Òfin tó máa wò ó sàn kò ju gbólóhùn kan lọ: nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tí o bá mú sọ̀ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ ní díjíìtì kan tí a kọ sí orí rẹ̀, ì báà jẹ́ òdo. Kó má mú méjì sọ̀ kalẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan láìkọ nǹkan sókè láàárín wọn. Kó sì tó bẹ̀rẹ̀ rárá, kó fi pẹ́ńsù tò àmì kékeré sókè: àkọ́kọ́ lórí 0 inú 70, ìkejì lórí 1, ìkẹta lórí 5. Àmì mẹ́ta ni, nítorí náà èsì gbọ́dọ̀ ní díjíìtì mẹ́ta. Bó bá parí tí àmì kan ṣì ṣófo, ó ti rí àṣìṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá gbígbé nọ́ńbà lọ ni àbí ipò. Ìdánwò kan wà tí mo máa ń lò tó ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó pẹ́ tí àwọn olùṣirò ti ń fi 9 yẹ èsì wò. Ẹ ro àwọn díjíìtì nọ́ńbà pọ̀, bó bá ṣì ju díjíìtì kan lọ, ẹ tún rò ó pọ̀, títí yóò fi ku ẹyọ kan. 68 di 14, 14 di 5. 47 di 11, 11 di 2. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀: 5 lọ́nà 2 jẹ́ 10, ó di 1. Èsì tó tọ̀nà gbọ́dọ̀ já sí 1. 3,196 tó jẹ́ ìdáhùn gan-an di 19, ó di 10, ó di 1. Ó bá a mu.

Ẹ wá fi 748 ọmọ yín ṣe é. 7 àti 4 àti 8 jẹ́ 19, ó di 10, ó di 1. Òun náà bá a mu! Ọ̀pọ̀ ìwé á sọ fún yín pé àléébù ìdánwò yìí nìyẹn, pé kì í rí irú àṣìṣe yìí. Èmi rí i bí ohun èlò. 10 tí a bá fi 9 pín, 1 ló ń kù. 100 náà, 1. 1,000 náà, 1. Nítorí náà, bí díjíìtì bá ṣí kúrò ní ipò ọgọ́rùn-ún lọ sí ipò ẹ̀wá, 9 ò mọ̀ pé ó ṣí. Àmọ́ bí iye kan bá sọnù, bíi 5 tí ọmọ gbàgbé láti fi kún un, 9 á rí i lójú ẹsẹ̀, torí iye tí ọmọ ń gbé lọ nínú ìlà kan kì í ju 8 lọ, kò lè jẹ́ 9 láéláé.

Bí èsì bá ṣì, tí ìdánwò 9 sì sọ pé kò sí aburú, ipò ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí èsì bá ṣì, tí ìdánwò náà sì kọ̀ ọ́, ẹ wá iye tó sọnù tàbí tó lé: gbígbé lọ, tábìlì, tàbí ìyọkúrò. 214 náà bá a mu: 28 di 1, 214 di 7, 1 lọ́nà 7 jẹ́ 7, 952 di 16, ó di 7. 35 náà bá a mu: 23 di 5, 35 di 8, 5 lọ́nà 8 jẹ́ 40, ó di 4, 7,015 di 13, ó di 4. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba ìdánwò 9 kọjá. Ìdí tí mo fi sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọmọ yín ò sọ iye kankan nù nìyẹn.

Ìdánwò náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nínú pínpín, bí nọ́ńbà tí a fi ń pín bá jẹ́ ìlọ́po 9, bíi 18 tàbí 36, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí, torí èsì yòówù kí ọmọ kọ, ó máa bá a mu. Nígbà míì sì rèé, àṣìṣe gbígbé lọ lè bọ́ sí ìlọ́po 9 kó sì yọ́ kọjá. Nítorí náà ẹ fi yẹ ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta wò, kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Kí ẹ lè mọ bí àṣìṣe gbígbé lọ ṣe máa ń rí bó bá wá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ẹ mú ìlà kan péré, 68 × 7, tó yẹ kó jẹ́ 476. Bí ọmọ bá kọ 426, ó gbàgbé 5 tó gbé lọ. Bó bá kọ 776, ó fi 5 kún 6 kó tó sọ ọ́ di púpọ̀: ó sọ pé 6 àti 5 jẹ́ 11, 11 lọ́nà 7 jẹ́ 77. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ fi kún un, ìgbà tó yẹ kó fi kún un ni kò mọ̀. Bó bá kọ 485, ó kọ 5 sílẹ̀ ó wá gbé 6 lọ, ó ya ẹ̀wá àti ẹyọ ara 56 sódì. Bó bá kọ 4,256, kò gbé nǹkan kan lọ rárá, ó kọ 56 odindi sílẹ̀, ó tún kọ 42 síwájú rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ àṣìṣe iye, méjì ìkẹyìn jẹ́ àṣìṣe ipò. Ẹ fi 9 yẹ̀ wọ́n wò, ẹ ó rí i pé ó pín wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé orí ìwé nìkan lojú ti lè rí i. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ni, ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tó máa ń rí 3,696 fún 68 × 47 yìí kan náà. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ní kó ka tábìlì 4, tábìlì tí ó mọ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì í, mo ní kó máa sọ ohun tó ń ṣe sókè. Nígbà tó dé ìlà kejì, mo rí ẹnu pẹ́ńsù rẹ̀ tó kan 3 tó wà lórí 6, tó sì tún kan 5 tí ó ti kọ síbẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́. "24, mo fi 3 kún un, mo fi 5 kún un, 32." Ó kọ 3,220, ó ro 476 mọ́ ọn, ó di 3,696. Nọ́ńbà tí a ti gbé lọ tí a sì ti lò tán ló ṣì wà lókè tó ń pè é. Ó dùn mí gan-an pé mo ti fi tábìlì yọ ọmọ náà lẹ́nu fún ohun tí kò ṣẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń kọ́ ọmọ láti dábùú nọ́ńbà tó gbé lọ ní kété tó bá ti lò ó, kí ìlà kejì tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé 68 × 44 ò lè tú gbogbo irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ fó. Nọ́ńbà tí a ń gbé lọ nínú ìlà méjèèjì, 3 ni, ọmọ tó bá lo ti àkọ́kọ́ dípò ìkejì á ṣì rí èsì tó tọ̀nà. 22 × 13 tiẹ̀ burú jù, kò sí ohun tí a gbé lọ níbẹ̀ rárá. Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí ọmọ ti ń ṣì í, ẹ fún un ní nọ́ńbà tí díjíìtì rẹ̀ yàtọ̀ síra, tó tóbi, tí ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń gbé iye tó yàtọ̀ lọ.

Inú pínpín náà ni gbígbé lọ máa ń sá pamọ́ sí. Ká ní ọmọ yín kọ pé 952 ÷ 28 jẹ́ 34, ó ku 30, ẹ ò bá rò pé pínpín ni kò mọ̀. Àmọ́ 30 ju 28 lọ, kò yẹ kó lè kù. Ẹ wo ibi tó ti ṣe 28 lọ́nà 4: 8 lọ́nà 4 jẹ́ 32, ó kọ 2, ó gbàgbé 3, ó kọ 8, ó di 82. 112 tó yọ 82 kúrò, ó ku 30. Pínpín rẹ̀ pé, ìsọdipúpọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló ya. Nítorí èyí ni mo fi máa ń ní kí ọmọ kọ ìlọ́po 28 sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kó tó bẹ̀rẹ̀: 28, 56, 84, 112, 140, títí lọ, kó máa fi 28 kún un. Kò ní í máa sọ nǹkan di púpọ̀ láàárín pínpín mọ́, ẹ ó sì rí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ṣì.

Ní ti bí ẹ ṣe máa máàkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ nínú X ńlá tó bo gbogbo iṣẹ́. Ìlà tó bá tọ̀nà, ẹ fa àmì pé ó tọ̀nà sí i. Nínú 68 × 47 rẹ̀, 476 gba àmì, ìròpọ̀ gba àmì. Ẹ wá yí òbìrí kékeré sí 2 tó parí 272, kí ẹ sì dá ọwọ́ dúró níbẹ̀. Ẹ má bi í pé kí ló dé tó fi ṣì í, á kàn wo ilẹ̀ ni. Ẹ bi í pé, "2 yìí, ẹyọ ni àbí ẹ̀wá?" Bí kò bá mọ̀, ẹ tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún un: 8 lọ́nà 7 jẹ́ 56, 60 lọ́nà 7 jẹ́ 420, 8 lọ́nà 40 jẹ́ 320, 60 lọ́nà 40 jẹ́ 2,400. Ẹ ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, 3,196. Ọ̀nà yìí gùn, kò sì sí gbígbé lọ nínú rẹ̀ àfi nígbà ìròpọ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ọmọ rí i pé 420 àti 56 ló di ìlà àkọ́kọ́, 2,400 àti 320 ló di ìkejì. Ìwé tó ní àpótí kéékèèké ló dára jù fún èyí, kí díjíìtì kan wà nínú àpótí kan. Lọ́sẹ̀ kan sí méjì tó bá ti ṣe é bẹ́ẹ̀, kó padà sí ọ̀nà kúkúrú.

Ní báyìí, ẹ fún un ní ìbéèrè mẹ́ta, kí ẹ má sì ràn án lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni 68 × 40 nìkan. Bó bá kọ 272, a jẹ́ pé kò mọ̀ pé 4 yẹn jẹ́ ogójì, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá kọ 2,720, ó mọ̀ ọ́n, àmọ́ ó ń gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ìlà bá di méjì. Àpótí àti àmì ẹ̀wá àti ẹyọ lókè á tó o. Ìkejì ni 68 × 407, tó jẹ́ 27,676. Bó bá kọ 3,196, ẹnì kan ti kọ́ ọ pé kó máa fi òdo kan sí ìlà kejì, ó sì ń ṣe é láìmọ ìdí, torí 4 ibí yìí ti di ọgọ́rùn-ún, òdo méjì ló ń béèrè. Ìkẹta ni 7,380 ÷ 23, tó jẹ́ 320, tó ku 20. Bó bá kọ 32, ó ku 20, òdo ìparí náà ló ń fò, kì í ṣe tàárín nìkan. Ẹ jẹ́ kó tò àmì rẹ̀ sókè, lórí 3, lórí 8, lórí 0, kó tún un ṣe lójú yín, kí ẹ wo ohun tó máa kọ sí orí 0 ìkẹyìn yẹn nígbà tó bá rí i pé 20 ò gba 23.